Ogún Ìṣù Púpurú Lórí Àjà Ìkọ̀yà

Lẹ́tà méjì nípa ẹ̀kọ́ ló wọ inú fóònù mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan wá láti yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Íńgíláǹdì: kí n wá kà fún oyè másítà nínú ìmọ̀ oúnjẹ, ọdún kan gbáko, kí n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Èkejì wá láti yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún irú oyè yẹn kan náà, ṣùgbọ́n páàtì-táìmù ni tiwọn, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sátidé nìkan, fún ọdún méjì ó lé díẹ̀. Kí n má parọ́, mi ò ka ti Àkúrẹ́ sí. Mo kàn gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ ni, bí ẹni tó mú agbòjò dání lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn.

Tíṣà kẹ́mísírì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Òkìtìpupa. Nínú yàrá àwọn tíṣà, èmi ni wọ́n máa ń bi léèrè bí ẹnikẹ́ni bá ń ronú àtilọ kàwé lókè òkun. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kọ́ ara mi láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ní ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tí mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Mo lè sọ fún ọ pé yunifásítì tí o ti jáde fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ìwé àkójọ máàkì rẹ ránṣẹ́, kì í ṣe ìwọ. Mo lè sọ fún ọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba máàkì Gẹ̀ẹ́sì tí o gbà nínú ìdánwò àṣekágbá girama dípò ìdánwò èdè, bí o bá ṣáà ti ní C6. Mo mọ̀ pé owó tí o máa fi hàn wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó sí báǹkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láìdín kù ní ọjọ́ kan, pé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tí wọ́n yàn ní Èkó tàbí Àbújá lo ti máa ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti pé ẹni tó ń lọ ka másítà inú kíláàsì kò lè mú ọkọ tàbí aya dání mọ́. Tíṣà ìṣirò wa fẹ́ràn kó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ wo ilé aṣojú ìjọba Íńgíláǹdì níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà," ni yóò wí.

Èmi náà á dáhùn pé, "Ẹ dúró síta, ẹ tò sórí ìlà."

Ohun tó jẹ́ kí Íńgíláǹdì fẹ́ mi gan-an ni púpurú.

Fún ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gẹ́ ni púpurú. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí tí yóò fi rọ̀, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro. Wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á wá ṣù ú ní ìṣù rogodo rogodo, wọ́n á kó o lé àjà lókè iná, kí èéfín àti ooru máa gbẹ ẹ́. Ara ìṣù náà á dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn kúrò, funfun ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Mo ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù láti ìgbà tí mo ti léyín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìkọ̀yà, ló ń ṣe é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iwájú ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìkọ̀yà ni mo ti ṣe iṣẹ́ tó gbé mi dé iwájú àwọn òyìnbó. Ìbéèrè tí mo bi ara mi rọrùn: ṣé bí ìṣù bá ṣe jìnnà sí àárín iná ni omi inú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó? Mo fi tápù wọn àjà náà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù kọ nọ́ńbà sára ogún ìṣù, ìkíní ní ọ̀gangan àárín iná, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ogún ní etí àjà pátápátá. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń tò wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń padà wá kó wọn. Màmá Ìkọ̀yà á ti kó wọn jọ sínú apẹ̀rẹ̀ dè mí. N óò gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, n óò gé díẹ̀ láti àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, n óò wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n kékeré tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, n óò kì í bọ inú ófùnù yàrá sáyẹ́ǹsì ní ìwọ̀n ooru márùndínláàádọ́fà títí tí kò fi ní dín kù mọ́, n óò tún un wọ̀n. Ohun tó bá sọnù nínú ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Mo ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Gíráàfù tó jáde rẹwà débi pé mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá mi. Láti ìkíní dé ogún, omi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìlà mẹ́fà, kò sí èyí tó wọ́. Mo fi í sínú ìwé tí mo kọ sí Íńgíláǹdì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí ìpè fídíò sọ pé òun kì í sábà rí èsì tó mọ́ báyìí láti ibi iṣẹ́ tí kì í ṣe inú yàrá àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lẹ́tà wọn dé, wọ́n sì bá mi dín owó ẹ̀kọ́ náà kù nítorí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n san àsansílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Àsansílẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tí a fi ń béèrè físà ránṣẹ́.

Bàbá mi kò dúró de físà. Tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà dé, ó lọ sí ìdí àwọn òkìrìkà lọ́jà, ó sì gbé kóòtù kan wálé tó nípọn bí ibùsùn. Àwọ̀ ọsàn ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti kí i káàárọ̀, ojú ọjọ́ Íńgíláǹdì ni yóò fi dá mi lóhùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mẹ́rin ni ti òní. Mẹ́rin! Afẹ́fẹ́ ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀. Ṣé o ti wọ kóòtù yẹn wò?"

"Bàbá, ooru ń mú mi ní Òkìtìpupa níbí."

"Ooru ò ní mú ọ títí. Wọ̀ ọ́ wò."

Mo wọ̀ ọ́. Ó rìn yí mi ká, ó ń tẹ èjìká rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Kò sí ọmọ kankan nínú ẹbí wa tó ti kàwé kọjá òkun rí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀hún, ilé ẹ̀kọ́ wa gba ìsinmi àárín táàmù. Mo ti to ìṣù sórí àjà ní Ọjọ́bọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di méje kí n tó lọ. Àmọ́ nítorí ìsinmi, kò sí ìwé ọmọ kankan tí mo ní láti máàkì láàárọ̀ Sátidé, nítorí náà mi ò dúró de ọ̀sán. Mo gun ọ̀kadà dé Ìkọ̀yà láàárọ̀ kùtù, láìsọ fún ẹnì kankan.

Màmá Ìkọ̀yà jókòó sórí àpótí níwájú ilé ìdáná. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìṣù púpurú wà lọ́wọ́ òsì, ṣọ́ọ̀kì mi sì wà lẹ́yìn etí rẹ̀ bí ti káfíńtà. Ó ha dúdú ara ìṣù náà kúrò, nọ́ńbà mi bá a lọ. Ó gbé ìṣù náà sí ẹ̀gbẹ́ etí, ó fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e lé ilẹ̀ sí àárín àwọn méjì kan lórí ìlà gígùn tó tò sórí ẹní. Ó mú òmíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé ogún, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà, ó sì ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára: ìkíní, ìkejì, ìkẹta.

Mo dúró síbẹ̀.

"Háà, tíṣà!" Ó rí mi. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo wa lè kà á. "O tètè dé lónìí. Mi ò tíì parí tìẹ."

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tún un ṣe fún ọ ni. Ṣé kí n gbé púpurú dúdú fún ọ bí ẹni tí kò nílé? Nílé bàbá wa, ẹni tó bá máa gbé púpurú kúrò lórí àjà, wọ́n á ha á fún un kó tó gbé e."

"Nọ́ńbà mi ńkọ́?"

"Ó ń bá dúdú lọ. Mo ń kọ ọ́ padà fún ọ. Ṣé kò dáa ni? Ẹ̀kọ́ àgbà tí a ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi mọ̀ ọ́n kọ. Wo méje mi."

Mo wo méje rẹ̀. Ìlà kékeré kan wà lágbedeméjì rẹ̀. Mo ti rí méje onílà yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì rò pé èmi ni mo fi ìkánjú kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì ti rí i pé funfun ni ìṣù máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀, láìbi ara mi bí nọ́ńbà ṣe kù sí i lára. Èmi tí mo ń fi tápù wọn àjà!

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ìkíní?"

"Èyí tó gbẹ jù ni ìkíní. Bí a ṣe ń tò ó nìyẹn. Èyí tó gbẹ jù la máa kọ́kọ́ gún, èyí tó tutù á padà sórí àjà. Ìwọ ò mọ̀ ni?"

"Ibi tí mo tò wọ́n sí lórí àjà ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fi aṣọ nu ojú. "Ibi tí o tò wọ́n sí! Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí o tò wọ́n sí, ti àárín á jóná, ti etí á kan. Alaalẹ́ ni mò ń yí wọn. Ta ló kọ́ ọ ní púpurú gan-an?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ó gba èmi náà ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá jíjìnnà sí iná ló ń sọ iye omi tó kù. Màmá Ìkọ̀yà ń yí àwọn ìṣù náà káàkiri, ó ń ha nọ́ńbà mi dànù, ó wá ń to wọ́n láti orí èyí tó gbẹ jù dé èyí tó tutù jù, ó sì ń fún wọn ní nọ́ńbà tuntun ní títẹ̀lé ìlà. Kò sí bí gíráàfù mi kò ṣe ní rẹwà. Ọwọ́ rẹ̀ ló yà á. Kò sí ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀ rárá. Nǹkan tí òyìnbó yìn mí fún, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dín owó kù fún mi, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó pa á.

Mo délé, mo yọ gíráàfù kúrò lára ògiri. Bàbá mi bá mi nínú yàrá.

"Ta ló kú?"

Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń mì í láti ikùn. "Ẹ̀gbọ́n mi! Bó ṣe máa ń nu síléètì iṣẹ́ àmúrelé mi mọ́ fún mi nìyẹn nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n á sì nà mí." Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó wò mí. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo máa kọ̀wé sí wọn."

"Bí wọ́n bá gba ẹ̀dínwó náà padà, a ò ní lè lọ o." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. 'A' ló wí, kì í ṣe 'o'.

"Mo mọ̀, sà."

Ó tẹ àpò kóòtù tó so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Kọ̀wé sí wọn. Kọ ọ́ dáadáa."

Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ṣàlàyé àjà, ọ̀bẹ, ṣọ́ọ̀kì àti méje onílà. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dá mi lóhùn lọ́jọ́ Ajé. Ó ní òun ka lẹ́tà mi sókè fún gbogbo ilé iṣẹ́ òun níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Máàkì mi ni wọ́n fi gbà mí wọlé, nítorí náà àyè mi wà níbẹ̀. Àwọn tó ń rí sí ẹ̀dínwó máa ní láti tún iṣẹ́ mi wò, ṣùgbọ́n òun rò pé òtítọ́ mi á ràn mí lọ́wọ́. Mo yọ̀. Mo bi í ní ìbéèrè kan sí i: tí mo bá dé, ṣé mo lè fi púpurú ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi? Ó ní oṣù mẹ́ta péré ni iṣẹ́ ìwádìí ní ìparí ọdún, inú àwọn àkòrí tí ilé ẹ̀kọ́ bá tò sílẹ̀ la ti máa ń mú, àti pé bí èéfín bá jáde nínú ilé iṣẹ́ wọn, agogo iná á dún, gbogbo ènìyàn á sì bọ́ síta sínú òjò. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Mo lè lo ìyẹn.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti Àkúrẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n má lọ. Owó ọkọ̀ tí mo ti san láti alẹ́ àná ló mú mi wọ mọ́tò, a gba Ọ̀rẹ̀, a gba Oǹdó, oòrùn ti gòkè nígbà tí mo dé. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì. Wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, ìwé àgùnbánirọ̀ mi, wọ́n bi mí bóyá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi máa yọ̀ǹda ọjọ́ Jímọ̀ fún mi. Mo ní ó ti gbà, bí mo bá ṣáà ti kọ́ kíláàsì Jímọ̀ mi ní ọ̀sán Ajé. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wá ṣí ibi gíráàfù tí mo fi sínú fọ́ọ̀mù tiwọn náà.

"Èyí dára," ó ní.

"Kò dára, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Nígbà tí mo dé ibi méje onílà, ọkùnrin náà ti gbé orí lé tábìlì, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ẹni kejì ń fi ìwé fẹ́ ara. Ẹni kẹta, obìnrin kan tó jókòó ní ìkángun tábìlì, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa gíráàfù náà sún mọ́ ara rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní. "Ogún ìṣù lọ́sẹ̀ kan. Ó sì tò ó báyìí láìlo ẹ̀rọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó kàn ń fi ìka kàn án ni."

"Ó sì ṣe déédéé pẹ̀lú ófùnù rẹ?"

Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí ohun tó bi mí tó yé mi. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń káàánú ara mi, ohun tí iṣẹ́ mi bà jẹ́ nìkan ni mò ń wò. Mi ò wo ohun tó fi hàn.

"Ó ṣe déédéé, mà. Gbogbo rẹ̀."

"Kí ni etí màmá yẹn ń gbọ́?" Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nínú àwa mẹ́ta yìí. Bí o bá wá sí ọ̀dọ̀ wa, ọdún méjì lo ní láti fi wádìí rẹ̀, ìdí àjà yẹn lo sì ti máa wà láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Bí o bá lọ sí ibòmíràn, máa lọ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sọnù."

Kí n tó jáde, wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti gbà mí. Láti Àkúrẹ́ dé Òkìtìpupa, mi ò rí ojú ọ̀nà. Mò ń fi oríkèé ìka kan ara ìjókòó mọ́tò. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá orin ni mò ń kọ.

Mi ò yà sílé. Mo lọ tààrà sí Ìkọ̀yà, nítorí mo fẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ gbọ́ pé Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ lọ. Màmá Ìkọ̀yà gbọ́ ọ tán, ó fa ojú ro.

"Ṣé nítorí tèmi lo máa ṣe jókòó? Mi ò rán ọ níṣẹ́ o. Má wá sọ fún bàbá rẹ pé èmi ni mo dá ọ dúró."

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Etí yín ni."

"Etí mi! Etí tí mò ń lò láti ìgbà tí a kò tíì bí bàbá rẹ? Wọ́n fi ìyẹn gba oyè?"

"Wọ́n ń fi í gba oyè, mà. Bí mo bá lọ sí Íńgíláǹdì, atẹ́gùn gbígbóná ni wọ́n máa fún mi. Kò ní sí iná. Ẹ̀yin ò sì ní sí níbẹ̀."

Ó rò ó. "Òyìnbó ò dáná?"

"Agogo á dún."

"Ẹ gbà mí o," ó ní. Ó sún àpótí kejì sí ọ̀dọ̀ mi. "Jókòó. Wá kàn án kí n gbọ́."

Mo kàn án. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n gbé e sún mọ́ egungun ìsàlẹ̀ etí, kì í ṣe ihò etí. Mo tún un kàn. Ó fún mi ní òmíràn, tó tutù. Mo gbọ́ ọ. Ti àkọ́kọ́ ń dún kọ́, kọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ìlẹ̀kùn tó ṣófo lẹ́yìn. Ti èkejì ń dún dù, bí ẹni tó gbá ikùn. Inú mi dùn débi pé mo kígbe, adìyẹ méjì sì sá lábẹ́ àjà.

Bàbá mi ni mo bẹ̀rù. Mo bá a níwájú ilé lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan péré ṣáájú Jímọ̀ tí Íńgíláǹdì dá. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Méje ni ti òní," ó ní. "Ó ti ń gbóná bọ̀."

"Bàbá, mo fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́."

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. Mo ṣàlàyé. Mi ò sọ̀rọ̀ owó, kò sì béèrè. Mo sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n ní Íńgíláǹdì lè fún mi ní oyè, ṣùgbọ́n pé ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò sí ní ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé n óò lè máa ṣiṣẹ́ mi, pé n óò máa gun mọ́tò ní ìdájí Jímọ̀, pé n óò sùn sí Àkúrẹ́, pé n óò padà ní alẹ́ Sátidé, àti pé ó máa rẹ̀ mí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

"Kóòtù yẹn ńkọ́?" ó ní níkẹyìn.

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa pé o ń lọ, ìyẹn ni." Ó gbé fóònù, ó tẹ nǹkan kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Àkúrẹ́. Òjò á rọ̀ lọ́sàn-án. Mú agbòjò."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ̀wé sí Íńgíláǹdì, mo dúpẹ́, mo sì dá àyè náà padà kí ẹlòmíràn lè rí i gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní bí mo bá ti mọ ohun tí etí màmá ń gbọ́, kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ọ́ sí òun.

Oṣù kejìlá, ọyẹ́ ti dé, mo ti lo sáà àkọ́kọ́ ní Àkúrẹ́, a sì ṣe àyẹ̀wò gidi àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí kíláàsì. Mo ti gbọ́n. Mi ò fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà mọ́, mo fi wáyà tín-ín-rín so páálí pélébé mọ́ ìṣù kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ló sì wà lára rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Màmá Ìkọ̀yà fi gèlè di ojú ara rẹ̀ kó má baà rí wọn. Bàbá mi bá mi wá. Kóòtù aláwọ̀ ọsàn ló wọ̀. Ó ní ọyẹ́ ń mú òun. Láàárọ̀ yẹn, kò sí ẹni ní ojú ọ̀nà Ìkọ̀yà tí kò bojú wẹ̀yìn wò ó.

Màmá kan ogún ìṣù náà, ó tò wọ́n, kò lò ju bí ẹni ṣe ń jẹun tán lọ. Mo kọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé wọn lọ sínú ófùnù ilé ẹ̀kọ́, agolo kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà rẹ̀ lára agolo àti lára ìdérí. Nígbà tí mo padà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì jókòó níwájú ilé ìdáná, wọ́n ń dúró dè mí bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Méjìdínlógún bára mu," mo ní. "Méjì ló pààrọ̀ ipò. Ẹ fi H ṣáájú M. Ófùnù ní M ló gbẹ jù."

Bàbá mi pàtẹ́wọ́. "Méjìdínlógún nínú ogún! Ẹ̀gbọ́n mi, A1 nìyẹn."

Màmá Ìkọ̀yà kò pàtẹ́wọ́. "Lọ tún un wọ̀n," ó ní.

"Màmá, méjìdínlógún dára púpọ̀..."

"Mo ní lọ tún un wọ̀n. Ta ló kọ́ ófùnù yẹn ní púpurú?"

Mo ti tọ́jú ìyókù ìṣù méjèèjì sínú ọ̀rá. Mo padà sí Òkìtìpupa. Mo gé tuntun láti ara H àti M, mo wọ̀n wọ́n, mo gbẹ wọ́n, mo tún wọn wọ̀n. H ló gbẹ jù. Mo wo agolo ti àná: èmi ni mo gbé ìdérí H lé M, tí mo sì gbé ti M lé H.

Mo pe Ìkọ̀yà lórí fóònù. Bàbá mi ló gbé e. Mo sọ fún un.

"Kí ló wí?" mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn.

"Ó ní ogún ni, nínú ogún," bàbá mi dáhùn. "Ó ní òun ló pààrọ̀ ìdérí agolo méjì."

"Sọ fún un kó máa bọ̀ lọ́la tó bá jáde níbi iṣẹ́," ni Màmá wí. "Ìṣù tuntun ti wà lórí àjà. Kó má sì fọwọ́ kan ìdérí kankan kó tó wẹ ọwọ́."